Ìyá Alásè àti Ìkòkò Ọbẹ̀

Ìyá alásè kan wà ní Sábó Gàrí, ní Kánò, tí kò se oúnjẹ fún ju ènìyàn 60 lọ rí. Nígbà ooru, wọ́n gbé ìnáwó ìgbéyàwó fún un: àlejò 300. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣe.

Àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ fẹ́ se ọbẹ̀ lálẹ́, kí wọ́n sì dé ìkòkò ńlá náà di òwúrọ̀. Ó kọ̀. Bí etí ìkòkò bá tilẹ̀ ti tutù, àárín ọbẹ̀ a máa lọ́wọ́ọ́wọ́ títí di òru, ibẹ̀ ni ó sì ti ń kan. Bí ó bá ń yọ ìfófòó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí a tún un sè, kò lè dára mọ́.

Lálẹ́, wọ́n ṣa ìrẹsì, wọ́n sì to igi nìkan. Ní ìdájí, wọ́n ra ẹran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, wọ́n sì dáná ní aago 4. Ìlàjì ìrẹsì jinná kí àlejò tó dé. Ìlàjì kejì gorí iná nígbà tí wọ́n jókòó, kí ẹni tí ó pẹ́ lè jẹun gbígbóná. Owó igi àti ti àwọn olùrànlọ́wọ́ dín èrè rẹ̀ kù gidigidi.

Kí oṣù tó parí, 3 nínú àwọn àlejò ti gbé iṣẹ́ wá. Èyí tí ó jẹ́ ti ènìyàn 500, kò gbà á. Ó ní, "Ìkòkò mi kò tó." Ọ̀rọ̀ yìí náà tàn kálẹ̀, wọ́n sì túbọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Kí ni ìyá yìí sọnù lọ́jọ́ náà, kí ni ó sì rí gbà?