Ẹ Tẹ́ Máàpù Kí Ẹ Tó Ṣí Ìwé

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ìkùn-Àkókó, tí owó ọkọ̀ dé Ìkàrẹ́ pàápàá ń ni lára, tí ẹ sì fẹ́ fi ìwé rí ayé, ẹ gbọ́. Ẹni tó bá ń ka ìwé ìrìn-àjò bí ẹni ń gbọ́ àlọ́ kò ní kúrò lórí àga rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú Tété-Michel Kpomassie, ọmọ Tógò. Ìgbà tó wà ní ọ̀dọ́ ló rí ìwé kan nípa àwọn ará Gríńláǹdì ní ilé ìtàwé kan ní Lomé, ló bá ní àfi kí òun dé ibẹ̀. Ó kúrò nílé ní 1958. 1965 ló tó gúnlẹ̀. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀ jáde lédè Faransé ní 1981, ó sì ti wà lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ fi pẹ́ńsùlù tọ ọ̀nà rẹ̀ lórí máàpù láti Tógò títí dé Gríńláǹdì, gba Dàkáà, ilẹ̀ Faransé àti Dẹ́ńmáàkì kọjá. Ọdún méje ni ìlà kékeré yẹn gbà. Ibi tí ìlà bá ti dúró, ẹ bi ìwé léèrè ohun tó dá a dúró. Owó ni lọ́pọ̀ ìgbà: ó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kó tó rí owó tẹ̀síwájú.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún máàpù ara ògiri. Lórí ọ̀pọ̀ wọn, Gríńláǹdì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Áfíríkà. Irọ́ ni, Áfíríkà tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rìnlá. Ayé rí róbótó, bí wọ́n bá sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí bébà, àwọn ibi tó jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé a máa fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lórí irú máàpù bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo oòrùn. Nílé wa níhìn-ín, ọ̀sán tó gùn jù lọ́dún kò fi wákàtí kan ju èyí tó kúrú jù lọ. Ní Upernavik, ìlú kan ní Gríńláǹdì tí Kpomassie gbé, oòrùn kì í yọ rárá fún oṣù méjì ó lé nígbà òtútù. Bí ẹ bá dé ojú ewé yẹn, ẹ pa ìwé dé díẹ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kó sùn? Kí ni ajá tó ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín ń jẹ? Ẹ padà sínú ìwé, kí ẹ máa wá ìdáhùn.

Bí ẹ bá wá fẹ́ kọ ọ́ fún ẹlòmíràn, ẹ má kọ ọ́ bí ẹni tó débẹ̀. Ẹ kọ pé Kpomassie ló ní òun jẹ ọ̀rá síìlì, ẹranko inú òkun, ní tútù. Ohun tó rí láti 1965 ló kọ, ìwé rẹ̀ sì pẹ́ kó tó jáde. Gríńláǹdì ti òní kọ́ nìyẹn. Ẹ wá ẹlẹ́rìí kejì.

Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì bá ṣòro fún, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *Ìrìnàjò* tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, tẹ̀ jáde ní 1949 nípa lílọ rẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ lọ bẹ àwọn àgbà olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì, kí wọ́n bá yín wò ó nínú àpótí ìwé wọn.