Lẹ́tà sí Àbúrò Mi: Ìdí Tí Ẹni Tí Ibà Ń Ṣe Fi Ń Gbọ̀n

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní láti ọjọ́ tí olùkọ́ ti kọ họmiositásíìsì sójú pátákó ni àyà rẹ ti ń já, àti pé ìwọ nìkan ni kò yé ní kíláàsì ọdún kìíní. (Èmi kò gbà pé ìwọ nìkan ni.) Walter Cannon, onímọ̀ nípa ara ènìyàn ní Amẹ́ríkà, ni ó fi èdè Gíríìkì ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1926. Ohun tí ó ń sọ ni pé ara ń ṣọ́ inú rẹ̀ kí ó má baà yí padà jù, bí ìta tilẹ̀ ń yí padà. Jẹ́ kí a mú ìgbóná ara nìkan.

Rántí fíríìjì Màmá. Bí inú rẹ̀ bá móoru ju bí a ti yí i sí lọ, ẹ́ńjìnnì a dún. Bí ó bá tutù tó, a dákẹ́. Nínú ọpọlọ rẹ, ẹ̀yà kékeré kan tí à ń pè ní haipotálámọ́ọ̀sì ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 37 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni a sì yí i sí. Bí o bá ń fọ aṣọ nínú oòrùn ọ̀sán, a mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ gbòòrò kí ooru lè jáde, a sì mú kí o làágùn. Gbígbẹ tí òógùn ń gbẹ ni ó ń gbé ooru lọ. Ìdí nìyí tí ara kì í fi í tù wá nígbà tí òjò bá ṣú tí afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin: òógùn ń ṣàn, ṣùgbọ́n kò gbẹ. Ní àárọ̀ ọyẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyí a sún kì, ara a sì gbọ̀n kí ó lè mú ooru wá.

Ó wá ku ìbéèrè tí ó dà ọ́ láàmú: bí ara bá ń ṣọ́ 37, kí ló dé tí ẹni tí ibà ń ṣe ń béèrè aṣọ ìbora nígbà tí ara rẹ̀ ń gbóná? Ibà ni ó ti yí ìwọ̀n náà sókè. Ká ní ó gbé e dé 39. Ara tí ó wà ní 37 ti di tútù lójú haipotálámọ́ọ̀sì. Nítorí náà ọwọ́ aláìsàn a tutù, eyín rẹ̀ a máa gbá pọ̀, títí ara yóò fi dé 39. Níbẹ̀ ni gbígbọ̀n dáwọ́ dúró. Nígbà tí parasitámọ́ọ̀lù bá fa ìwọ̀n náà padà sí 37, ara gbóná jù nìyẹn, òógùn a sì bò ó. Ṣùgbọ́n kòkòrò ibà ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oògùn tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni.

Má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ti ẹni tí oòrùn pa. Ní tirẹ̀, ìwọ̀n kò kúrò ní 37, ooru ni ó borí ara. Parasitámọ́ọ̀lù kò lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ; bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá sì ti ń dàrú, ilé ìwòsàn ni kíákíá.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ