Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá, Odidi Iṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Kò sí ọmọ Yorùbá tó nílò àlàyé lórí èyí. Àwọn tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí fún oyè másítà ni mo fẹ́ fi í bá wí, nítorí ohun tí ojú ọmọbìnrin kan rí nílùú wa, Ọ̀tan Ayégbajú, ká mi lára gidi.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó tó wà láwọn abúlé tó yí Ọ̀tan ká ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé. Súpáfáísọ̀ rẹ̀, àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, bá a jókòó fún bí ìṣẹ́jú 45 lórí ohun tó ti kọ. Ọmọ náà tọrọ àyè, ó sì gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ sórí fóònù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tó délé, kò tẹ́tí sí i. Ohùn líle tí ọ̀gá fi sọ̀rọ̀ ló gbé délé, kò gbé ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ní ìṣẹ́jú 14, ọ̀gá bi í pé, "Níbo lo ti rí 120 yìí?" Ohun tó di odidi nínú ọmọ náà ni pé àgbẹ̀ 120 kéré. Ó wọkọ̀ padà sí Ọ̀tan, ó tún ìwé ìbéèrè tẹ̀, ó ń gun ọ̀kadà láti abúlé dé abúlé, ẹni tó bá ṣáà ti bá lóko ló ń fún ní ìwé. Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ọ̀gá ní, "Ta ló ní kó o lọ wá àgbẹ̀ kún àgbẹ̀?"

Ìgbà yẹn ló tó mú fóònù náà wá bá mi. A jókòó, a gbọ́ ọ. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé ìbéèrè ọ̀gá gan-an ni pé, "Kọ bó o ṣe mú wọn sílẹ̀, kí ẹni tó bá ń kà á lè mọ̀." Kò ju ìdajì ojú ìwé lọ! Ọmọ náà kúkú mọ bó ṣe mú wọn. Orúkọ 600 ló wà nínú ìwé àwọn àgbẹ̀ tó rí gbà. Ó ń ka orúkọ náà lọ, ó ń mú ẹni karùn-ún karùn-ún, ìyẹn ló fi di 120. Kò kàn kọ ọ́ ni. Bó bá fẹ́ kó dúró dáadáa, á fi ìṣirò Yamane kún un, èyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lò: n = N / (1 + N × e²). Bí N bá jẹ́ 600, tí àṣìṣe tí a gbà láàyè, e, jẹ́ 0.05, n á jẹ́ 240. Bó bá wá jẹ́ 120 lowó rẹ̀ ká, àṣìṣe náà á ròkè dé bí 0.08. Kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́, kí òǹkàwé fi ojú ara rẹ̀ díwọ̀n rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó lọ kó kún un ló tilẹ̀ ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí kò sí ẹni karùn-ún kankan nínú wọn. Ẹni tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni. Ó di dandan kó yọ gbogbo wọn kúrò.

Ohun tó yẹ kó ṣe lọ́jọ́ yẹn kò le. Kó ṣí ìwé tí ọ̀gá ń wò gan-an síwájú, kó má tíì tún nǹkan kan ṣe nínú rẹ̀, kó sì gbọ́ ohùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sídìí láti da gbogbo ọ̀rọ̀ kọ. Ọjọ́ á lọ síbẹ̀. Ibi tí ọ̀gá bá ti béèrè nǹkan nìkan ni kó dá fóònù dúró, kó kọ ìṣẹ́jú, ojú ìwé, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ọ̀gá, àti gbólóhùn méjì tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn èyí ni kó tó sọ ọ́ di iṣẹ́, kó sì jẹ́ iṣẹ́ tó lópin. "Tún orí kẹta ṣe" kì í ṣe iṣẹ́, torí kò sí bí èèyàn ṣe máa mọ̀ pé ó ti parí. Àmọ́ bó bá kọ ọ́ báyìí pé, "Ojú ìwé 41: fi ìpínrọ̀ kan kún un tó sọ ibi tí orúkọ 600 ti wá, bí a ṣe mú 120, àti ìdí tí kò fi jẹ́ 240, ìṣẹ́jú 14," ìyẹn ṣeé parí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá máa ń yí padà kí ìjókòó tó parí. Ní ìṣẹ́jú 12, ọ̀gá yìí ní kó yọ àtẹ kan kúrò. Ní ìṣẹ́jú 38, nígbà tó tún dé ibẹ̀, ó ní kó gbé e lọ sí ẹ̀yìn ìwé. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ bó ṣe ń gbọ́ ọ á ní iṣẹ́ méjì tó ń ta kora. Ti ìkẹyìn ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kó gbọ́ ọ dópin kó tó ṣe ohunkóhun.

Fóònù kò sì rí ìka. Léraléra la ń gbọ́ "ibí yìí," "èyí kò dáa," a ò mọ ibi tí ọ̀gá nawọ́ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ ló yẹ kó máa sọ ọ́ síta lórí ìjókòó: "Ojú ìwé 57, ìpínrọ̀ kejì, sà." Kò gba ju ìmí kan lọ.

Òwe náà tọ̀nà níbì kan, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ní ìṣẹ́jú 27, ọ̀gá ní, "Èròǹgbà kẹta yìí, yọ ọ́." Àbọ̀ ọ̀rọ̀ pátápátá nìyẹn, ó sì yẹ kó di odidi lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́: èròǹgbà náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ, ìbéèrè ìwádìí kẹta gbọ́dọ̀ lọ, àtẹ rẹ̀ ní orí kẹrin gbọ́dọ̀ lọ, ohun tí orí karùn-ún sọ nípa rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ, gbólóhùn rẹ̀ nínú àṣamọ̀ náà gbọ́dọ̀ lọ. Gbólóhùn kan, iṣẹ́ márùn-ún. Ọ̀gá kankan ò ní jókòó ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà fúnra rẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣí i á rí ibi tí ohun tí wọ́n yọ ti gbòǹgbò dé. Ọ̀rọ̀ 120 kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sóhun tó lè parí rẹ̀ nínú ìwé, ìbẹ̀rù ló parí rẹ̀. Níbi tí ìwé ò bá ti lè parí ọ̀rọ̀, tí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e nínú fóònù náà ò sì parí rẹ̀, ọmọlúàbí tó bá parí rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ṣàṣejù. Kó béèrè. Àwọn àgbà wa ò kọ́ wa tó pé ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi, ó sì ń ná àwọn ọmọ wa lówó.

Nítorí náà, kó fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá lọ́jọ́ kejì, kó má ju ojú ìwé kan lọ: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu yín nìyí. Èyí tí mo bá ṣì gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe." Èyí tí kò bá yé e, kó kọ ọ́ sókè pátápátá gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, bíi nọ́ńbà tí onímọ̀ ìṣirò máa bá a tún ṣe, ni kó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí kò láṣẹ lórí àkókò ẹni yẹn. Bí ọ̀gá ò bá sì fèsì, kó má gbà pé ó ti fọwọ́ sí i. Kó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kó kọ ojú ìwé tuntun síwájú èyí tó ti ṣe, kó sì fi àwọn ìbéèrè náà bẹ̀rẹ̀ ìjókòó tó kàn, kí ọ̀gá tó ṣí ojú ìwé kìíní.