Ẹni Tó Bá Ta Ko Ìṣirò Nínú Ọ́fíìsì Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ọ́díìtì, ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ Enron àti Arthur Andersen tó jẹ́ ọ́dítọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Lọ́dún 2000, Andersen gba mílíọ̀nù 25 dọ́là lọ́wọ́ Enron fún ọ́díìtì, ó sì gba mílíọ̀nù 27 lé e fún iṣẹ́ mìíràn. Ó ti lé ní ọdún 10 tí wọ́n ti jọ ń bá a bọ̀. Ọ̀gá àwọn akáńtáǹtì Enron gan-an, ọ̀dọ̀ Andersen ló ti wá.

Ẹ wá wo Carl Bass. Ó wà lára àwọn àgbà Andersen tí wọ́n ń là á yé ẹlẹgbẹ́ wọn tí ìlànà ìṣirò bá ta kókó. Ó ta ko bí Enron ṣe ń ṣírò àwọn òwò kan. Inú àwọn ará Enron kò dùn, nígbà tó sì di oṣù kẹta 2001, Andersen yọ ọ́ kúrò lórí iṣẹ́ náà. Ọdún yẹn ò tíì parí tí Enron fi kógbá sílé. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sanwó ti borí ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ ìlànà.

Lọ́dọ̀ tiwa, wẹ́rẹ́ ni irú ọ̀rọ̀ báyìí ń bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá wa ṣírò gbèsè tí kò ní wọlé mọ́, akáńtáǹtì wa ti lọ." Ká ní ẹ ṣírò rẹ̀ sí mílíọ̀nù 12 náírà, tó sì yẹ kó jẹ́ 30. Nígbà tẹ́ ẹ bá padà dé fún ọ́díìtì, ta ni yóò rí i? Iṣẹ́ ọwọ́ ara yín lẹ ń yẹ̀ wò. Bẹ́ ẹ tilẹ̀ rán ọmọ iṣẹ́ mìíràn lọ, kò ní fẹ́ sọ pé ọ̀gá òun ṣìṣe. Ẹ ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn ṣe é, tàbí kẹ́ ẹ fi ọ́díìtì náà sílẹ̀. Òfin CAMA 2020 pàápàá kò gbà kí ẹni tó ń gba ilé-iṣẹ́ nímọ̀ràn lórí owó orí tàbí ìṣàkóso owó tún jẹ́ ọ́dítọ̀ rẹ̀.

Ní ti pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ìlànà ìṣàkóso ilé-iṣẹ́ ti 2018 ní Nàìjíríà fún ọ́fíìsì ọ́dítọ̀ ní ọdún 10 lọ́dọ̀ oníbàárà kan, ó sì ní kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ náà lẹ́yìn ọdún 5. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ìgbà yẹn. Ẹ ṣí fáìlì yín. Tó bá jẹ́ pé ìwé ti èṣí lẹ dà kọ, tẹ́ ẹ kàn yí ọdún orí rẹ̀ padà, tàbí tẹ́ ò kọ lẹ́tà sí báńkì mọ́ nítorí "a ti mọ̀ wọ́n", ìfaramọ́ ti wọ iṣẹ́ yín.

Ohun tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fi lélẹ̀ nínú ọ́fíìsì yín ni pé, ẹnikẹ́ni tó bá ta ko ìṣirò kan, kó kọ ọ́ sínú fáìlì, kí ẹ sì kọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí. Ọ̀gá tó ń gba owó oníbàárà yẹn kọ́ ló gbọ́dọ̀ ní agbára láti yọ ẹni tó ta kò ó kúrò lórí iṣẹ́ náà.