Ohùn Ọ̀rẹ́ Nínú Àtẹ̀jíṣẹ́: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Ògbufọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sídìí iṣẹ́ ògbufọ̀, bí wọ́n bá gbé àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ fún yín láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ẹ má fi wíwá ẹnà bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló ń bá ta sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ èyí fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ọmọdé, àgbà àti ojúgbà. Àwa ní "o", a sì ní "ẹ". Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ojúgbà, "o" ni. Bí ọ̀kan bá fi ọdún díẹ̀ ju èkejì lọ, wọ́n lè jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, síbẹ̀ kí àbúrò máa wí pé "ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń bọ̀ àbí ẹ ò bọ̀?" Ẹ pinnu rẹ̀ kí ẹ tó kọ ìlà kìíní, kí ẹ má sì yí i padà láìnídìí. Bí ojúgbà bá ṣàdédé pe ojúgbà ní "ẹ", òǹkàwé á rò pé ìjà ti dé.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Nínú fíìmù kan, ọmọbìnrin kan gbọ́ pé ọ̀rẹ́ òun wọ bàtà méjì tí kò bára mu lọ síbi ìgbéyàwó. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sí i: ó pè é ní ọmọbìnrin, ó ní òun ti kú, ó bèèrè ìdí tí kò fi sọ fún òun, ó sì ní ó burú. Ògbufọ̀ tó kánjú á kọ ọ́ báyìí:

"Ọmọbìnrin, mo ti kú. Èéṣe tí ẹ kò fi sọ fún mi? Ẹ burú."

Ẹ̀rín ti di ẹkún. Ẹni tó bá ké pé òun kú lédè wa, wàhálà ló bá a. "Èéṣe" àti "kò fi" sì jẹ́ ohùn ìwé, kì í ṣe ohùn ẹni tó ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù. Èyí ni mo máa kọ:

"Háà, ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rín pa mí! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? O mà burú o!"

Kò sí ẹnà kankan níbẹ̀, ohùn ọ̀rẹ́ sì pé. "O" ló gbé e, "mà" àti "o" ìparí ló sì sọ èébú di ẹ̀fẹ̀. Ẹ má gbàgbé àmì ohùn: "O mà burú o" ń bá ọ̀rẹ́ ṣeré, ṣùgbọ́n "Ó mà burú o" ń kẹ́dùn. Àwọn èèyàn kì í fi àmì sí àtẹ̀jíṣẹ́ wọn lóòótọ́, síbẹ̀ ẹ fi sí irú ibi tó lè dà rú báyìí.

Irú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ́ dáadáa. "Máa bọ̀" lásán jẹ́ àṣẹ. "Máa bọ̀ jàre" ń rọ ọ̀rẹ́ pé kó má ro nǹkan kan. "Máa bọ̀ ná" ní ká kọ́kọ́ ríra, ìyókù á tẹ̀ lé e. Ọ̀kan tó fún gbólóhùn kan. Bí ẹ bá tò wọ́n jọ, ohùn á di ti ẹni tó ń ṣàṣejù.

Ẹ̀yìn èyí ni ẹnà kàn, ẹ sì wo ọjọ́ orí rẹ̀. Ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà. Bí ìtàn yín bá wáyé ní ọdún 2003, tí ẹnì kan fẹ́ sọ pé ọ̀rẹ́ òun ti kó lọ sí London, "ó ti jápa" kò bá ìgbà yẹn mu, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa ni ọ̀rọ̀ náà gbòde fún lílọ sókè òkun. "Ó ti wà lókè òkun" ni kí ẹ kọ.

Ilé ẹjọ́ nìkan ni òfin pé kí ẹ wá ohùn ọ̀rẹ́ ti ń yí padà. Bí ọ̀rẹ́ bá kọ̀wé pé òun máa pa ọ̀rẹ́ òun, tí ìwé náà sì di ẹ̀rí, ẹ túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má rọ̀ ọ́, ẹ má sì mú un le. Ẹ túmọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ má yọ àwòrán ẹ̀rín inú wọn kúrò, kí ẹ sì ṣàlàyé lọ́tọ̀ pé ọ̀rẹ́ a máa fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Adájọ́ ló máa dá a.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ ka Yorùbá yín fún ẹni tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ń sọ̀rọ̀, láìfi Gẹ̀ẹ́sì hàn án. Ẹ bi í bóyá ojúgbà ni wọ́n, àti bóyá wọ́n ń jà. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ́kọ́ yẹ "o" àti "ẹ" wò, lẹ́yìn náà àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké. Ẹnà ni kí ẹ fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn.