Àpótí ìmọ̀: Máńgòrò inú fọ́tò

Oníbàárà kan ní Ọ̀yọ́ fẹ́ ra máńgòrò láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá tó ń tà á ya fọ́tò igbá rẹ̀ lábẹ́ agboòrùn pupa, ó sì fi ránṣẹ́. Gbogbo èso náà ló dà bí èyí tó pọ́n, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó gba inú aṣọ pupa kọjá ló pa wọ́n láró. Kí oníbàárà ní kí wọ́n gbé èso bọ́ síta, kí wọ́n fi bébà funfun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tún un yà. Bí bébà bá funfun nínú fọ́tò, àwọ̀ èso náà ṣeé gbà gbọ́.

Àwọ̀ nìkan kò tó ṣá, nítorí àwọn máńgòrò kan wà tó pọ́n tán tí èèpo wọn ṣì dà bí ewé. Èjìká èso ni èmi máa ń kọ́kọ́ wò. Bí máńgòrò kò bá gbó, èjìká rẹ̀ á dà wálẹ̀ láti ibi tó ti so mọ́ igi. Bó bá gbó, èjìká náà á yọ sókè, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì kún. Èyí tó gbó lè pọ́n nílé. Èyí tí wọ́n já láìgbó á kàn hunjọ ni.

Àpá dúdú tó jìn wọnú èèpo jẹ́ àmì àrùn tó ń mú èso rà. Ojú ihò tín-ín-rín tí oje sun jáde lára rẹ̀ lè jẹ́ ibi tí eṣinṣin èso yé ẹyin sí. Fọ́tò kò lè fi ìdin inú rẹ̀ hàn, àfi kí wọ́n la ọ̀kan kí wọ́n sì ya inú rẹ̀.