Kọ Ohun tí Olùrà Lè Lọ Fojú Ara Rẹ̀ Rí

Àbúrò mi, o ní àwọn èèyàn ń bi ọ́ pé "Èló ni?" lórí ilẹ̀ tí o gbé sórí Wọ́sáàpù, àmọ́ wọn kì í padà wá mọ́. Mo ka ohun tí o kọ: "Ilẹ̀ gbígbẹ wà fún títà ní Mówè, ìwé rẹ̀ pé, owó pọ́ọ́kú, ẹ tètè kàn sí mi." Irọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan níbẹ̀ tí ẹni tó fẹ́ rà á lè lọ yẹ̀ wò. Ẹni tó fi ọdún gbọọrọ tu owó jọ kò ní kó o sínú òkùnkùn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o di mú: ìlà yòówù tí o bá kọ, jẹ́ kó jẹ́ ohun tí olùrà lè lọ fojú ara rẹ̀ rí láìjẹ́ pé o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Jẹ́ ká fi ilẹ̀ Mówè yẹn ṣe àpẹẹrẹ.

Ibo gan-an ló wà?

Mówè fẹ̀. Kọ orúkọ àdúgbò, ọ̀nà tó já síbẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀. Má fi ìpínlẹ̀ sílẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ "Èkó" sórí ilẹ̀ tó wà ní Mágbòrò tàbí Árépò, bẹ́ẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ibẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ lásán. Ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ wà ló ń sọ ibi tí olùrà yóò ti lọ yẹ ìwé wò: Òkè-Mọ́sàn ní Abẹ́òkúta ni ti Ògùn, Aláúsá ní Ìkẹjà ni ti Èkó. Bí olùrà bá rí i pé o ti ṣì í lọ́nà lórí èyí, kò ní gbà ọ́ gbọ́ lórí ìyókù.

Lẹ́yìn náà, gbàgbé "ìṣẹ́jú márùn-ún sí ọ̀nà márosẹ̀." Ìṣẹ́jú márùn-ún ta ni? Ti ọlọ́kadà tàbí ti ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn? Wọ ọkọ̀ láti oríta Mówè, wo iye kìlómítà tó jẹ́, kí o sì kọ bí ọ̀nà ṣe rí: ibi tí ọ̀dà parí sí, àti bí ilẹ̀ pupa tó kù ṣe gùn tó. Bí o bá sọ pé ilẹ̀ gbẹ, sọ oṣù tí o débẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tó lọ ní oṣù Kejì kò tíì mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà gbẹ. Ẹni tó lọ ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò ti kún ilẹ̀, ló lè sọ ọ́. Wo ara ògiri àwọn ilé tó yí i ká. Bí omi bá máa ń dúró níbẹ̀, wàá rí àmì rẹ̀ lára ògiri, tàbí kí o rí i pé gbogbo wọn ló gbé ìpìlẹ̀ ilé wọn ga.

Ìwọ̀n náà ńkọ́? Má kọ "pọ́lọ́ọ̀tì kan" kí o sì dákẹ́. Lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní Èkó, pọ́lọ́ọ̀tì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, tàbí mítà 18 sí 36 nínú ìwé. N'Íbàdàn, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 ni ọ̀pọ̀ mọ̀. Àwọn ẹ̀síteèti kan ń ta sukúèà mítà 500 tàbí 300, wọ́n sì ń pè é ní pọ́lọ́ọ̀tì kan bákan náà. Olùrà tó rò pé 648 ni òun ń rà, tó wá bá 500, yóò sọ pé o lu òun ní jìbìtì. Kọ iye mítà.

Ìwé wo ló wà, orúkọ ta ló sì wà nínú rẹ̀?

"Ìwé rẹ̀ pé" kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Dárúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan tó wà nílẹ̀ lónìí, kí o sì sọ èyí tí olùrà yóò gbà sọ́wọ́.

Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, rìsíìtì nìkan kò tó. Àwọn ilé ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ tipẹ́: bí olórí ẹbí kò bá lọ́wọ́ sí títà ilẹ̀ ẹbí, títà náà kò dúró rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìsí àwọn àgbààgbà ẹbí, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Nítorí náà, kọ ọ́ pé: "Olórí ẹbí àti àwọn aṣojú ẹbí ni yóò fọwọ́ sí díìdì." Àmọ́ rí wọn kí o tó kọ ọ́.

Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé ilẹ̀ ní ẹ̀kísíṣọ̀n, ìyẹn ni pé ìjọba ti yọ̀ǹda rẹ̀ padà fún àwọn ará abúlé, bèèrè gásẹ́ẹ̀tì tí ìjọba fi kéde rẹ̀. "Ẹ̀kísíṣọ̀n ń bọ̀ lọ́nà" kì í ṣe ẹ̀kísíṣọ̀n. Bí ó bá ń bọ̀ lọ́nà, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa rà á mọ ewu tó wà níbẹ̀, yóò sì dúnàá-dúrà bó ṣe yẹ. Bí ó bá jẹ́ Sí-ọ́ọ̀fù-Ó ni, wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tàbí ti ẹbí ló wà níbẹ̀, olùrà ṣì ní láti gba ìfọwọ́sí gómìnà, gẹ́gẹ́ bí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ṣe sọ. Ìyẹn gba owó. Sọ ẹni tí yóò san án.

Ìwé tí mo fẹ́ kí o fi ọkàn sí jù ni sọ́fè. Ìdí ni pé òun ni olùrà lè fi yẹ ilẹ̀ wò kó tó san kọ́bọ̀. Òpó kọnkéré kékeré tí àwọn sọfíyọ̀ rì sí igun ilẹ̀ ní lẹ́tà àti nọ́ńbà lórí. Bẹ̀rẹ̀, nu iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ kúrò, kí o fi wé nọ́ńbà tó wà ní igun yẹn nínú ìwé. Bí wọn kò bá dọ́gba, ilẹ̀ tí ẹ dúró lé lórí kọ́ ni ìwé yẹn ń sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni sọfíyọ̀ olùrà yóò gbé àwọn nọ́ńbà igun ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì sọfíyọ̀ àgbà ìpínlẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e tàbí wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀nà tàbí iṣẹ́ mìíràn. Má gbé àwòrán ìwé odindi síta fún gbogbo ayé, nítorí àwọn oníjìbìtì lè fi ta ilẹ̀ kan náà lẹ́yìn rẹ. Kọ pé ìwé wà, kí o sì fún ẹni tó ti wá wo ilẹ̀ ní ẹ̀dà rẹ̀.

Èló ni gbogbo rẹ̀?

Ibí ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní ilẹ̀ náà jẹ́ ₦4,000,000. Owó sọ́fè jẹ́ ₦500,000, owó díìdì ₦200,000, owó ọ̀nà àti gọ́tà ₦600,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦5,300,000. Bí o bá kọ ₦4,000,000 nìkan, o ti fi ₦1,300,000 pamọ́ fún olùrà rẹ, yóò sì bá a lójijì nígbà tó bá ti san owó tán. Kọ àpapọ̀ rẹ̀ sókè, kí o wá to ìyókù sábẹ́.

Bí wọ́n bá lè san án díẹ̀díẹ̀, dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: èló ni àkọ́san, ìgbà wo ni yóò parí, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ẹni tó ń san án bá dúró lójú ọ̀nà? Ṣé wọn yóò dá owó padà? Èló ni wọn yóò yọ nínú rẹ̀, lẹ́yìn oṣù mélòó? Sọ ìgbà tí wọn yóò fi ilẹ̀ hàn án gan-an pẹ̀lú, bóyá lẹ́yìn àkọ́san ni tàbí ìgbà tó bá san tán. Wo bí mo ṣe máa tún tìrẹ kọ:

"Ilẹ̀ kan, mítà 18 sí 36 (sukúèà mítà 648), ọ̀nà Ọ̀fàdà, Mówè, ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Kìlómítà 4 sí oríta Mówè: 3 ọ̀dà, 1 ilẹ̀ pupa. Mo débẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, omi kò dúró. Ilẹ̀ ẹbí ni. Rìsíìtì ẹbí, díìdì àti sọ́fè ni ẹ ó gbà. Kò tíì ní Sí-ọ́ọ̀fù-Ó. Ẹ lè gbé ẹ̀dà sọ́fè lọ yẹ̀ wò kí ẹ tó san owó. Àpapọ̀ owó: ₦5,300,000 (ilẹ̀ ₦4,000,000, sọ́fè ₦500,000, díìdì ₦200,000, ọ̀nà àti gọ́tà ₦600,000). Àkọ́san ₦1,300,000, ìyókù láàárín oṣù 8, ₦500,000 lóṣooṣù. A ó fi ilẹ̀ hàn yín lọ́jọ́ àkọ́san. Bí ẹ bá dá a dúró, a ó dá owó yín padà láàárín oṣù 3, a ó yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún."

Wo ibi tí mo ti kọ pé kò tíì ní Sí-ọ́ọ̀fù-Ó. Ìyẹn kò ní lé olùrà lọ. Ẹni tó ń wá Sí-ọ́ọ̀fù-Ó nìkan yóò kọjá lọ, kò sì ní fi àárọ̀ rẹ ṣòfò. Àwọn tó bá kù yóò wá mọ̀ pé o kò fi nǹkan pa mọ́.

Tó bá jẹ́ fúláàtì ńkọ́?

Ìlànà kan náà ni, àmọ́ owó ló ń fa wàhálà jù. Ká ní fúláàtì yàrá méjì kan ní Akóbọ̀, Ìbàdàn, jẹ́ ₦800,000 lọ́dún. Fi kọmíṣọ̀n ₦80,000 kún un, àgíríméǹtì ₦80,000, owó kọ́ṣọ̀n ₦100,000 tí wọn yóò dá padà bí ó bá kó jáde láìba nǹkan jẹ́, àti owó ìtọ́jú ilé ₦120,000. Ọdún àkọ́kọ́ di ₦1,180,000. Ọdún kejì, owó ilé àti owó ìtọ́jú nìkan ló kù, ìyẹn ₦920,000. Kọ iye méjèèjì síta. Ẹni tó ń ṣírò owó oṣù rẹ̀ nílò láti mọ ohun tó ń dúró dè é lọ́dún tó ń bọ̀.

Bí ilé bá wà ní Èkó, má kọ "ọdún méjì ni a fẹ́." Òfin ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò gbà kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé, àyàfi ní Àpápá, Ìkòyí, Fikitóríà Áílàǹdì àti GRA Ìkẹjà, níbi tí òfin náà kò dé. Òfin yẹn náà ló ní kí onílé kọ rìsíìtì fún ẹni tó bá san owó ilé. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn yóò gba rìsíìtì, kí o sì sọ orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì tí owó yóò wọ̀. Bí ó bá yàtọ̀ sí orúkọ onílé, sọ ìdí rẹ̀. Kọ ọ̀rọ̀ mítà iná àti omi pẹ̀lú: ṣé mítà tirẹ̀ ni, àbí wọ́n jọ ń pín in? Ṣé gbèsè wà lórí rẹ̀?

Kí o tó tẹ bọ́tìnì, kọ ọjọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí owó bá yí padà tàbí ilẹ̀ bá tà, lọ yọ ti àtẹ̀yìnwá kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó wọ mọ́tò láti Ṣàgámù wá wo ilẹ̀ tó ti tà lọ́sẹ̀ tó kọjá kò tún ní gbé ìpè rẹ mọ́, yóò sì sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀.